Òyìnbó Gùn, Yorùbá Kúrú

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Òdò Ọjà ní Ìkẹ́rẹ́. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀, tí ẹ wo apá òsì àga ìwàásù, ẹ ó rí ibi kan tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ti ń dán ju ibòmíràn lọ. Bàtà Ezekiel Akínlabí ló dán an bẹ́ẹ̀. Odindi ọdún mẹ́rìnlá ló fi dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ògbufọ̀ ni. Oníwàásù a sọ gbólóhùn kan ní Òyìnbó, a dánu dúró. Ezekiel a gbà á, a sọ ọ́ ní Yorùbá, òun náà a dánu dúró. Báyìí ni wọn yóò ṣe é títí wọn yóò fi dé Àmín.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ Òyìnbó dé góńgó ti gun orí pẹpẹ náà rí, tí òógùn bo wọ́n kí oníwàásù tó ka ẹsẹ Bíbélì kejì. Ògbufọ̀ kì í sọ pé "Pásítọ̀ ní òun jẹ̀bi." "Mo jẹ̀bi" ló gbọ́dọ̀ sọ, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́wọ́ òun gan-an. Bí oníwàásù bá sunkún, ohùn ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀. Bí oníwàásù bá bínú, kó má rẹ́rìn-ín. Ezekiel mọ gbogbo èyí bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ láyé, àfi Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀, Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ kò sì gbà pé òun ló ṣáájú.

Ọdún 1998 lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kó wá láti Àkúrẹ́ ń wá ilé yá ní Ìkẹ́rẹ́ nítorí pé ilé wọ́n ní Adó. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà tó ti Edo àti Kogi wá náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn àgùnbánirọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìsìn Yorùbá máa ń wáyé láago méje, ti Òyìnbó láago mẹ́wàá; ti aago méje ni Ezekiel ti ń túmọ̀ fún oníwàásù tí kò bá gbọ́ Yorùbá. Ìgbà tí Pásítọ̀ Joshua Akíntọ́lá dé, ó ní ìdílé kan kì í jẹun lẹ́ẹ̀mejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì da ìsìn méjèèjì pọ̀. Ọmọ Ìsẹ̀ ni bàbá pásítọ̀, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Yorùbá tí ó gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń ra ata lọ. Òyìnbó ló fi ń wàásù.

Ẹni tó kọ́kọ́ lòdì sí ìdàpọ̀ náà ni Ìyá Abigail, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àkọ́bí rẹ̀ tó ń kọ́ni ní Òmùò ló ń jẹ́ Abigail; Blessing tí Abigail bí sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń lọ. Ìyá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń gbin iṣu, ó ń ta iṣu, kò sì sí àdúrà tó mọ bí a ṣe ń gbà á ní kúkúrú. Tí wọ́n bá ní kó gbàdúrà ìparí, àwọn ọmọdé a ti jókòó padà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà pé kí wọ́n da ìsìn pọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ létí gbogbo ìgbìmọ̀ pé, "Etí Tíṣà ni a ó máa fi gbọ́ràn o. Ọlọ́run ń wo Tíṣà." Inú Ezekiel dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà ni nǹkan bàjẹ́. Ìwàásù dá lórí àdúrà. Ó ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí pásítọ̀ gbójú sókè kúrò nínú ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí kò sí nínú ohun tí òun àti Ezekiel jọ yẹ̀wò lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ìyá àgbàlagbà kan wà tó gbé ẹ̀wà kaná kó tó lọ sí ìpàdé àdúrà. Wọ́n ní kí ìyá náà gbàdúrà ìparí. Ó gbàdúrà fún ọba, ó gbàdúrà fún ìjòyè, ó gbàdúrà fún ewúrẹ́ aládùúgbò, ẹ̀wà sì di èédú nílé. Ìgbà tó délé tó rí i, ó ní èṣù ló jó ẹ̀wà òun, ó sì tún kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn.

Apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń jókòó sí, bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó burú ju ẹ̀rín lọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn yíjú wo apá òsì, síbi tí Ìyá Abigail jókòó sí.

Ezekiel rí ojú wọn. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni ògbufọ̀ máa ń ní láti ronú. Nínú méjì yẹn, ó rí Ìyá Abigail tó ń wo ẹnu òun, tó ń dúró de Yorùbá. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé ọkùnrin kan ń sun iṣu lóko, àdúrà ló ń gbà, iṣu sì jóná. Kò fi ewúrẹ́ sí i. Kò fi èṣù sí i. Pásítọ̀ kò gbọ́ ọ, nítorí ìgbà tí ògbufọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ni oníwàásù máa ń wo ìwé láti mọ ohun tó kàn. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àlùfáà. Ìyá Abigail kò rẹ́rìn-ín rárá.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní wàhálà kan tí àwọn tí kì í ṣe é kì í ronú sí. Ẹ̀rín máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó gbọ́ Òyìnbó a kọ́kọ́ rín tiwọn, àwọn tó gbọ́ Yorùbá a jókòó bí ẹni tí wọ́n ti jẹun tán kó tó dé. Ní àárín ẹ̀rín àkọ́kọ́ sí ìkejì yẹn ni ìfura ń gbé. Kí ni wọ́n ń rín? Ta ni wọ́n ń rín? Bí ẹ̀rín kejì bá wá kéré sí ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá lọ́gbọ́n a mọ̀ pé nǹkan ti kù sọ́nà.

Ní ọjọ́ Ajé, Ezekiel kí ìyá méjì lọ́nà ọjà. Ọ̀kan dáhùn láì dúró, ìkejì ṣe bí ẹni pé ata ló ń wò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀ bi í pé, "Sà, ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń gé ọ̀rọ̀ pásítọ̀ jẹ?" Ní ọjọ́rú, Ìyá Abigail ránṣẹ́ pè é.

Ó bá ìyá níwájú ilé, tó ń fi ọ̀bẹ gé orí iṣu tí yóò gbìn. Ezekiel dọ̀bálẹ̀. Ìyá kò sọ pé kó dìde kíá.

"Tíṣà, kí ló jóná nínú ìtàn pásítọ̀?"

"Iṣu ni, Ìyá."

"Blessing," ìyá pè, ọmọbìnrin náà sì yọjú láti inú ilé, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Kí ló jóná?"

"Ẹ̀wà ni, Màmá."

"Ta ló ń se é?"

Blessing wo Ezekiel bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì. "Ìyá àgbàlagbà kan ni."

Ìyá Abigail fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "O gbọ́? Uṣu ni o fún mi jẹ, ẹ̀wà ni wọ́n sè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí ọ. Mi ò gbọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n etí mi ń wọn nǹkan. Òyìnbó a gùn, Yorùbá a kúrú. Mo ní, níbo ni ìyókù ń wọlé sí? Mo bá ara mi sọ pé bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá èdè ni. Ùgbà tí ọmọ yìí sọ tẹ̀wà ni mo tó mọ̀ pé inú àpò Tíṣà ló ń wọlé sí."

Ezekiel fẹ́ ṣàlàyé fún un pé bí èdè ṣe gùn kọ́ ni ìtumọ̀ ṣe ń gùn, pé nǹkan mìíràn wà tí Òyìnbó ń fi gbólóhùn márùn-ún sọ, tí Yorùbá ń fi òwe kan parí. Òótọ́ ni, ó sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì rí. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ẹni tó jẹ̀bi bá sọ kì í níyì. Ó wá sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

"Ìyá, àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Ta ni wọ́n rán ọ sí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àbí o rí i. Èmi ni wọ́n rán ọ sí, èmi ni mo yẹ kí n mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹrú ni. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú mi, ìwọ sọ mí di ẹni tí kò mọ̀. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì, Tíṣà?"

Ìyá sọ fún un pé àwọn ìyá ti pàdé. Bí wọ́n bá tún fo ọ̀rọ̀ kan fún àwọn, àwọn yóò padà sí ìsìn aago méje tiwọn, kí àwọn olóyìnbó máa jẹ ẹ̀wà tiwọn lọ. Ó ti sọ fún ìgbìmọ̀ pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ sì ti ní kí Adéfúnkẹ́, tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, jókòó níwájú pátápátá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí Ezekiel bá fò, iṣẹ́ ògbufọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bí Ezekiel ṣe délé, kò jẹun. Ó sọ ọ́ fún Mojísọ́lá, Mojísọ́lá sì fetí sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ.

"Ọdún mẹ́rìnlá," Ezekiel ní, "wọ́n wá fi ọ̀dọ́bìnrin ṣọ́ mi bí ẹni ṣọ́ olè."

"Ṣé o jalè ni?"

"Mojísọ́lá."

"Mo kàn ń béèrè ni. Èmi náà gbọ́ Òyìnbó díẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tí o ń yí i. Ọjọ́ tí àlùfáà àlejò yẹn ní kí àwọn obìnrin má jókòó níwájú, ìwọ sọ pé kí gbogbo wa sún mọ́ ara wa. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé yóò di àrùn sí ọ lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Gbogbo ìgbà ló ń pe ara rẹ̀ ní asẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ìyàngbò kì í ti ọwọ́ òun dé etí àwọn àgbà. Kò ronú rí pé ẹni tó ń sẹ́ ọkà kọ́ ló ni ọkà. Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé. Ó fura sí Blessing pé ó fẹ́ gba ipò òun. Ó fura sí Adéfúnkẹ́ tó kí i lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó wá fura sí jù ni pásítọ̀. Kí ló dé tí ìtàn ẹ̀wà kò sí nínú ìwé tí wọ́n jọ yẹ̀wò? Ta ló ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tí kò ní mọ ẹni tí gbogbo ojú yóò yí sí?

Ní ọ̀sán Sátidé, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pásítọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Láti ibẹ̀, àpáta Olósùnta, tí wọ́n ń ṣọdún fún ní Ìkẹ́rẹ́, dúró gbagidi lẹ́yìn àwọn òrùlé páànù. Pásítọ̀ Joshua kó ojú ìwé mẹ́sàn-án síwájú rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù," Ezekiel ní. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ sí ara wọn. "Èmi yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti di méjìdínlógún nìyẹn. Ẹ dín in kù sí mẹ́rin."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ezekiel ló ń fi pẹ́ńsù ṣiṣẹ́. Gbólóhùn tó bá gùn, tí "nítorí" àti "bótilẹ̀jẹ́pé" bá so kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń gé e sí mẹ́ta, kí pásítọ̀ má baà dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Ó kọ nọ́ńbà ẹsẹ Bíbélì sí ẹ̀gbẹ́, kí òun lè ṣí ti Yorùbá sílẹ̀ kí òun kà á, dípò kí òun fi ẹnu ara òun túmọ̀ rẹ̀. Kókó mẹ́ta ìwàásù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà lédè Òyìnbó. Ezekiel ní ìyẹn kò ní wọ Yorùbá rárá, wọ́n sì sọ ọ́ di ìbéèrè mẹ́ta. Àpẹẹrẹ kan wà nípa yìnyín tó bo ọ̀nà, ó yí i sí ọ̀nà oko tí òjò bàjẹ́. Níbi tí pásítọ̀ fẹ́ ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín, Ezekiel ní, "Ẹ má sọ èyí lẹ́nu. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ ṣe bí ẹni tó ru ẹrù tí kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wọn yóò rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín kò ní pé méjì."

Pásítọ̀ wò ó. "Bàbá, ẹ kò sọ èyí fún mi rí. Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?"

Ezekiel fi pẹ́ńsù lélẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, tirẹ̀ sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀wà tó di iṣu, ìyá tó di ọkùnrin, ìpàdé àwọn ìyá, ìwé Adéfúnkẹ́.

Nígbà tí pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti tutù.

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni?"

"Rárá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Mi ò kà á. Ìgbà tí ẹ ní àwọn tó ń lọ wo ọdún Olósùnta kò ní rí ìjọba ọ̀run, mo ní kí wọ́n ṣọ́ra. Ìgbà tí ẹ ní ẹni tí kò kàwé kò mọ nǹkan, mo fò ó."

"Oṣù mọ́kànlá," pásítọ̀ ní. "Oṣù mọ́kànlá ni mo fi rò pé mo ń wàásù fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin ni ẹ ń wàásù fún wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ nísinsìnyí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi àti ohun tí wọn kò gbọ́?"

Nítorí pé òun náà ti jẹ ìyà tirẹ̀, Ezekiel béèrè tirẹ̀. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé Ìyá Abigail ni ẹ ní lọ́kàn?"

Pásítọ̀ gbé ife omi, ó mu ún, ó gbé e kalẹ̀. Ó fa ojú ìwé kẹrin sún mọ́ ara rẹ̀, ó kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì yí i dójú délẹ̀. "Mo máa rí yín lọ́la," ó ní.

Ezekiel rìn lọ sílé pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́ta lọ́wọ́. Ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ojú ìwé kẹrin yẹn ni wọn yóò fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀rù bà á, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é. Ìfura ni oògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí èèyàn bá mu fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò ní í jẹ́ kó sùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kò sí àga tó ṣófo. Àwọn ìyá jókòó sí apá òsì, ọwọ́ ká àyà. Adéfúnkẹ́ wà níwájú, ìwé rẹ̀ ṣí lórí itan. Blessing jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà.

Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ń sọ gbólóhùn kúkúrú, Ezekiel ń gbà á, bíírò Adéfúnkẹ́ ń rìn lórí ìwé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ti wà, kò fi iyọ̀ sí i, kò bu omi là á. Nígbà tí pásítọ̀ ṣe bí ẹni tó ru ẹrù, apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti da ìsìn pọ̀. Ìyá kan fi aṣọ nu ojú. Ṣùgbọ́n Ìyá Abigail kò tú ọwọ́ kúrò láyà.

Pásítọ̀ wá ṣí ojú ìwé kẹrin. Ó ka ohun tó kù lókè rẹ̀ tán, ó sì gbójú wo apá òsì.

"Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó ní lédè Òyìnbó, "mo sọ ìtàn ìyá kan tí ẹ̀wà rẹ̀ jóná."

Ezekiel túmọ̀ rẹ̀. Ó pè é ní ẹ̀wà. Apá òsì mì bí ìgbà tí atẹ́gùn bá kọjá lórí ewé.

"Ìyá kan nínú ìjọ yìí ni mo ní lọ́kàn. Mo fi àdúrà rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Ìyá kan nínú ìjọ yìí ni mo ní lọ́kàn," Ezekiel ní. "Mo fi àdúrà rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Mo ṣẹ̀ ẹ́."

Pásítọ̀ dúró díẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Òyìnbó rí i pé kò tíì parí.

"Ògbufọ̀ mi yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ó tàn yín jẹ."

Gbogbo apá ọ̀tún wo Ezekiel. Apá òsì kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ó bá sọ pé "a jọ ṣe àṣìṣe," yóò lọ. Bí ó bá sọ pé "ẹ foríjì wá," yóò lọ. Ìwé Adéfúnkẹ́ nìkan ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé ojú Adéfúnkẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń sọ "mo" nípò ẹlòmíràn. Kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti ń bá òun gan-an wí rí.

"Ògbufọ̀ mi yí ọ̀rọ̀ mi padà," ó ní, kò sì yí ojú. "Ó tàn yín jẹ."

Pásítọ̀ tún sọ̀rọ̀, ó gùn díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ó ní ohun tó jẹ́ kí ògbufọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ìyá náà gbé ìrora tí òun dá sílẹ̀ lọ sílé, pé bàbá yìí ti fẹ́ràn àwọn ìyá ìjọ yìí ju bí òun tí wọ́n ń pè ní olùṣọ́ àgùntàn wọn ṣe fẹ́ràn wọn lọ, àti pé kí wọ́n dárí ji àwọn méjèèjì.

Ezekiel la ẹnu. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ gbóná. "Ẹ dárí jì wá," ó ní, ó sì panu dé.

Pásítọ̀ ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ nígbà tí Ìyá Abigail dìde. Kò sí ẹni tó ń dìde láàárín ìwàásù ní ìjọ náà.

"Tíṣà."

"Ìyá."

"Òyìnbó gùn ju èyí lọ."

Ezekiel wo ilẹ̀, síbi tí bàtà rẹ̀ ti dán sìmẹ́ńtì. Blessing fa aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà, ó fẹ́ sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n ìyá gbé ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Sọ ọ́, Tíṣà. Gbogbo rẹ̀. Èmi ni wọ́n rán ọ sí."

Ó sọ ọ́. Ìrora, ulé, àti ìfẹ́ tó ju ti olùṣọ́ lọ. Yorùbá ìwé ló máa ń sọ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ti Ìkẹ́rẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Abigail dúró títí ó fi sọ ọ́ tán, ó tún dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń wọn iṣu lójú.

"Ó pé wàyí," ó ní, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ pe Adéfúnkẹ́ sínú yàrá. Ó ní gbólóhùn kan wà tí ògbufọ̀ kọ́kọ́ fò. Wọ́n wo Ìyá Abigail, nítorí òun ló mú ẹjọ́ náà wá. Ìyá ní ẹni tó fo ìyìn ara rẹ̀ kò tíì jalè, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń fo ìyìn mọ bí a ṣe ń fo èébú, nítorí náà àwọn kò ní yé ṣọ́ ọ. Pásítọ̀ náà ní ní ti òun, láti òní lọ, ohun tí kò bá sí nínú ìwé Sátidé, òun kò ní sọ ọ́ lórí pẹpẹ. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ Ezekiel.

Wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ìgbàkúùgbà tí Òyìnbó bá gùn, tí Yorùbá bá kúrú, ẹnì kan a wúkọ́ láti apá òsì. Nígbà mìíràn, òwe ni Ezekiel fi parí rẹ̀, kò sì sí ohun tó kù. Ezekiel a dúró síbẹ̀síbẹ̀, a wo ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì wo Ìyá Abigail kó tó jẹ́ kí pásítọ̀ máa lọ.